Ojú ewé Kọ̀nẹ́ẹ̀lì fún kíláàsì ìṣàkóso: kí lẹ ń kọ sí apá òsì tó fi ń wúlò nígbà tẹ́ ẹ bá ń dán ara yín wò?

Ọmọ-Ọdún-Kejì
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Nínú kíláàsì ìṣàkóso wa, ọ̀rọ̀ ẹnu olùkọ́ ló pọ̀ jù: wákàtí 2 gbáko, tíọ́rì lórí tíọ́rì. Ojú ewé Kọ̀nẹ́ẹ̀lì ni mo ń lò, èyí tí wọ́n fi ìlà pín sí apá òsì, apá ọ̀tún àti ìsàlẹ̀. Apá ọ̀tún, níbi tí nóòtì ń lọ, kò ni mí lára. Apá òsì ni ìṣòro. Mo kọ "Hẹ́síbáàgì" síbẹ̀, ìyẹn ẹni tó ní tíọ́rì lórí ohun tó ń wú òṣìṣẹ́ lórí, mo kọ "ohun ìwúrí", ṣùgbọ́n tí mo bá bo apá ọ̀tún, n kì í mọ ohun tí mo ń dáhùn gan-an. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lò ó pẹ́, kí lẹ rí?

Olùkọ́-Ìrọ̀lẹ́
Ibi tó ti ń dàrú fún ọ̀pọ̀ ènìyàn lo dé yẹn. Orúkọ lásán kò lè dán ẹnikẹ́ni wò. Tí o bá rí "Hẹ́síbáàgì", ohunkóhun tó bá kọ́kọ́ sọ sí ọ lọ́kàn ni wàá gbà pé ìdáhùn ni, wàá sì ṣí ìwé lọ síwájú. Ohun tó yẹ kó wà ní apá òsì ni ìbéèrè tó ní òpin, tó jẹ́ pé ẹni tó ń dáhùn á mọ̀ bóyá òun ti parí tàbí ó ṣì kù. "Ohun ìwúrí 5 wo ni Hẹ́síbáàgì kà?" ní òpin. Tó o bá ka 4, o mọ̀ pé 1 sọnù.

Jẹ́ kí n tibi ìlà bẹ̀rẹ̀, nítorí ìlà wà lára ohun tó ń fà á. Wọ́tà Pọ́ọ̀kù tó gbé ètò yìí kalẹ̀ ní Yunifásítì Kọ̀nẹ́ẹ̀lì láàárín ọdún 1950 sí 1959 fi ínǹṣì 2.5 sí òsì, 6 sí ọ̀tún, àti 2 sí ìsàlẹ̀. Lórí pépà A4, fi sẹ̀ǹtímítà 6.5 sí òsì, 14.5 á kù sí ọ̀tún. Fi 5 sílẹ̀ nísàlẹ̀ fún àkópọ̀, kí o sì fi 2 sílẹ̀ lókè fún àkọlé, déètì àti nọ́ńbà ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fún apá òsì pọ̀ kó má ju 4 lọ torí wọ́n fẹ́ àyè fún nóòtì. Gbólóhùn ìbéèrè kì í gba inú 4, ni wọ́n bá gé e kúrú di ọ̀rọ̀ kan. Ibẹ̀ ni "Hẹ́síbáàgì" tìrẹ ti wá.

Nínú kíláàsì, apá ọ̀tún nìkan ni kí o fọwọ́ kàn. Fo ìlà 1 láàárín kókó kan sí òmíràn. Níbi tí olùkọ́ bá ti sáré jù, fi àyè sílẹ̀, fi "?" sí i. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, kí oorun tó gbé ọ lọ, ka apá ọ̀tún, dí àwọn àyè náà, kí o wá kọ ìbéèrè sí òsì, kí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan dọ́gba pẹ̀lú ibi tí ìdáhùn rẹ̀ wà. 5 sí 7 tó fún ojú ewé kan.

Bíró-Dúdú
Mo gbà fún ẹ̀gbọ́n nípa ìbéèrè, ṣùgbọ́n kí ló dé tí a máa dúró di alẹ́? Bí olùkọ́ ṣe ń sọ̀rọ̀ ni kí èèyàn máa kọ ìbéèrè. Gbogbo kókó ni kó ní tirẹ̀, ìbáà tó 15 lójú ewé kan. Tó bá kan àkópọ̀ ìsàlẹ̀, ẹ kàn mú gbólóhùn tó dára jù ní apá ọ̀tún, ẹ dà á kọ. Ó yá kíákíá.

Olùkọ́-Ìrọ̀lẹ́
Bíró-Dúdú, ó dára kí gbogbo kókó ní ìbéèrè, ṣùgbọ́n àsìkò tí ẹ fi sí i ni kò bára mu. Olùkọ́ kò tíì parí ọ̀rọ̀, ẹ kò tíì mọ èyí tó jẹ́ ẹ̀ka àti èyí tó jẹ́ ìtàkùn. Ìbéèrè tí ẹ bá kọ lásìkò yẹn, àkọlé síláìdì lẹ kàn ń yí padà: "Kí ni ohun ìwúrí?" Bí 15 irú rẹ̀ bá kún ojú ewé kan, ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ máa dán ara yín wò, ó máa sú yín.

Ti dída kọ yẹn, mi ò fara mọ́ ọn rárá. Ẹ bo ojú ewé náà, ẹ fi ẹnu ara yín sọ gbólóhùn 2 tàbí 3, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ ṣí i wò bóyá ó bá a mu. Bí ẹ kò bá lè kọ ọ́ láìwò, nóòtì yẹn kò tíì yé yín, ó sì sàn kẹ́ ẹ mọ̀ lónìí ju kẹ́ ẹ mọ̀ lóṣù tó ń bọ̀.

Ọmọ-Ọdún-Kejì
Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi Hẹ́síbáàgì yẹn gan-an hàn mí. Òun la ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Ìyá-Àpẹẹrẹ
Ẹ jẹ́ kí n gba èyí sọ. Ká ní ohun tó wà ní apá ọ̀tún rẹ nìyí: ìwé rẹ̀ jáde ní 1959, ó bi àwọn ẹnjiníà àti àwọn aṣírò owó bíi 200 léèrè ìgbà tí iṣẹ́ dùn mọ́ wọn àti ìgbà tó sú wọn. Ohun tí wọ́n kà pé ó mú inú wọn dùn ni àṣeyọrí, ìyìn, iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, ojúṣe àti ìgbéga. Ohun tó ń bà wọ́n nínú jẹ́ ni òfin ilé-iṣẹ́, ìbójútó ọ̀gá, owó oṣù, àárín àwọn àti ẹlòmíràn, àti ipò ibi iṣẹ́. Ọ̀wọ́ kejì yìí ló pè ní ohun ìmọ́tótó.

Ní apá òsì, mi ò ní kọ ju 5 lọ:

1. Ohun ìwúrí 5 wo ni?
2. Ohun ìmọ́tótó 5 wo ni?
3. Lójú Hẹ́síbáàgì, kí ni òdìkejì àìtẹ́lọ́rùn?
4. Ilé-iṣẹ́ kan fi kún owó oṣù. Ìkùnsínú dín kù, ṣùgbọ́n ìtara iṣẹ́ kò pọ̀ sí i. Kí ló fà á?
5. Kí ni wọ́n fi ń ta ko ọ̀nà tó gbà ṣe ìwádìí?

Wo ìkẹta dáadáa. Ẹni tó dáhùn pé "ìtẹ́lọ́rùn ni" ti ṣubú. Lójú rẹ̀, òdìkejì àìtẹ́lọ́rùn ni kí àìtẹ́lọ́rùn má sí, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìtẹ́lọ́rùn wà lójú ọ̀nà mìíràn. Ìkẹrin kò sí lẹ́nu olùkọ́ rárá, èmi ni mo hun ún, torí ìdánwò ìṣàkóso kì í sábà sọ pé "ka wọ́n lẹ́sẹẹsẹ" kó sì dákẹ́. Yóò gbé ọ̀ràn ilé-iṣẹ́ kan síwájú rẹ. Ìdáhùn ìkarùn-ún: ènìyàn máa ń gba ògo ohun tó dára fún ara rẹ̀, kó sì di ẹ̀bi ohun tí kò dára ru àyíká, nítorí náà ó lè jẹ́ ọ̀nà tó gbà béèrè ló pín ìdáhùn sí méjì bẹ́ẹ̀.

Àkópọ̀ ìsàlẹ̀: "Ohun tó ń bí òṣìṣẹ́ nínú àti ohun tó ń wú u lórí kì í ṣe ọ̀kan náà. Owó oṣù lè pa ìkùnsínú, kò lè dá ìtara sílẹ̀. Ọ̀nà tó gbà béèrè ló jẹ́ kí àwọn kan ṣiyèméjì."

Akọ̀wé-Ìpàdé
Èmi náà ń lò ó ní ọ́fíìsì fún ìpàdé àwọn ọ̀gá. Orúkọ ẹni tí iṣẹ́ já lé lórí ni mo máa ń kọ sí òsì, ìpinnu ìpàdé á wà nísàlẹ̀. Kò sí ìbéèrè kankan níbẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ṣé kò ní rọrùn fún àbúrò wa láti ṣe bẹ́ẹ̀?

Ìyá-Àpẹẹrẹ
Ó bá ìpàdé mu gan-an, torí pé wíwá nǹkan kíákíá lẹ fi ń ṣe. Àbúrò wa kò ní ìwé lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìdánwò, kò sóhun tó máa wá nínú rẹ̀. Yíyọ ọ̀rọ̀ látinú orí ni tirẹ̀.

Ọmọ-Ọdún-Kejì
Tí mo bá wá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ tán, ìgbà mélòó ni kí n dán ara mi wò? Tí mo bá kà á lẹ́ẹ̀mẹta ní alẹ́ ọjọ́ náà, gbogbo rẹ̀ a máa wà lórí mi.

Olùkọ́-Ìrọ̀lẹ́
Alẹ́ yẹn ló máa wà lórí rẹ. Ní 2006, àwọn olùwádìí Rọ́dígà àti Kápíkì fi títún ìwé kà wé dídán ara ẹni wò. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, àwọn tó tún ìwé kà ló rántí jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 1, àwọn tó dán ara wọn wò ló borí. Nítorí náà, ṣe é lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ọjọ́ 3 sí 4, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 1, lẹ́yìn náà kó tó di ìdánwò.

Fa àpótí kékeré 4 sí ẹ̀gbẹ́ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Fi pépà bo apá ọ̀tún àti ìsàlẹ̀. Sọ ìdáhùn síta tàbí kí o kọ ọ́ kí o tó ṣí i. Èyí tó o bá dáhùn nínú ọkàn nìkan, ojú rẹ á kàn rí ìdáhùn, á sì sọ pé òun ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Fi ✓ sí èyí tó pé, – sí èyí tó kù díẹ̀, ✗ sí èyí tó sọnù. Bí ✗ bá di 2 lórí ìbéèrè kan, má kàn tún un kà. Wo ìbéèrè náà bóyá ó gbòòrò jù, wo apá ọ̀tún bóyá ìdáhùn wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé nóòtì gan-an ló ṣófo níbi tí "?" wà, tí a kò padà dí i.

Àwòrán-Lọ̀rọ̀
Ti àwòrán ńkọ́? Ẹ wo agbára 5 tí Pọ́tà sọ ní 1979 pé ó ń darí ìfigagbága nínú òwò. Èmi kì í kọ ìbéèrè fún un. Mo máa ń ya àpótí 5 tó ṣófo sí apá òsì, ọ̀kan láàárín, 4 yí i ká, ma sì dí wọn láti inú orí: ìfigagbága àwọn tó ti wà nínú òwò náà láàárín, àwọn tó fẹ́ wọlé lókè, ọjà tó lè rọ́pò nísàlẹ̀, àwọn tó ń tà fún wa lápá kan, àwọn oníbàárà lápá kejì. Pẹ́ńsù ni kẹ́ ẹ fi dí i, kí ẹ lè nù ún nù fún ìgbà míì.

Ìyá-Àpẹẹrẹ
Ó dáa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fi ìbéèrè 1 kún un: "Nínú òwò báyìí, agbára wo ló le jù, kí sì nìdí?" Ẹni tó dí àpótí 5 láìṣàṣìṣe lè má mọ ohun tó fẹ́ fi wọ́n ṣe.

Bíró-Dúdú
Mo ti gbọ́ ti àkópọ̀, màá bẹ̀rẹ̀ sí í bo ìwé. Orí kọ̀ǹpútà ni mo ń tẹ nóòtì mi sí ṣá. Táábù olójú 2 ni mo fi ṣe é, mo sì ń sọ lẹ́tà apá ọ̀tún di funfun kí n má rí i. Kò burú, àbí?

Olùkọ́-Ìrọ̀lẹ́
Ó lè ṣiṣẹ́. Ohun tí mò ń bẹ̀rù ni pé ẹni tó ń tẹ̀wé kíákíá á máa tẹ gbogbo ọ̀rọ̀ olùkọ́ láìyọ kókó, apá ọ̀tún á gùn dé ojú ewé kejì, ìbéèrè àti ìdáhùn kò sì ní dọ́gba mọ́.

Àwòrán-Lọ̀rọ̀
Èmi ò gbà pé ti kọ̀ǹpútà nìkan nìyẹn, ẹ̀gbọ́n. Àwọn tó ń fi bíró kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ náà wà. Ọjọ́ tí olùkọ́ bá fi gbogbo wákàtí jíròrò ọ̀ràn ilé-iṣẹ́ kan, tí kò tẹ̀ lé ètò kankan, ojú ewé yìí kì í bá a mu yálà lórí pépà tàbí lórí kọ̀ǹpútà. Pépà funfun ni mò ń lò lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìyá-Àpẹẹrẹ
Èmi ṣì ń lò ó lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Ìpinnu tí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà ní láti ṣe ni mo máa ń fi ṣe ìbéèrè àkọ́kọ́, ẹ̀rí tó gbè é àti èyí tó ta kò ó á tẹ̀ lé e. Àkópọ̀ ìsàlẹ̀ nìkan ni kì í rọrùn, torí olùkọ́ sábà máa ń fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ láìdá ẹnikẹ́ni láre.