Póòsì mi tó ń gbọ̀n: mo ti tún un kọ o

"Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo máa yọ nínú póòsì mi kó má dà bíi pé ẹ̀rù ń bà mí?"

Ohun tí mo bi yín lọ́jọ́sí nìyẹn. Ẹ ṣé o, mo ti ṣe é. Bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ rèé: "Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, mo kàn ní kí n sọ pé mo rò pé mo lè bá yín tún aṣọ ṣe, aṣọ tó fún tàbí aṣọ tó tóbi, bóyá ọjọ́ 3 ni mo máa fi tún aṣọ náà ṣe ṣá, Ojúẹlẹ́gba ni mo wà."

Ẹ̀gbọ́n kan ní kí n kà á sókè, ọ̀rọ̀ tí mo bá fò tí ìtumọ̀ ò yí padà, kí n pa á rẹ́. "Ẹ má bínú" lọ, "mo kàn" lọ, "mo rò pé" lọ, "ṣá" náà lọ, "aṣọ" mẹ́rin ku ẹyọ kan.

Ẹnì kan ní gbogbo "bóyá" ló gbọ́dọ̀ kúrò. Mo yọ ọ́, ni kọ́sítọ́mà bá gbé léèsì oní-bíìdì dé, ó ní ọjọ́ 3 lòun kà! Ẹ̀gbọ́n ní "bóyá" yẹn kì í ṣe ojo, nǹkan kan ló ń sọ, kí n kúkú sọ nǹkan ọ̀hún. Ó wá di:

"Mo ń tún aṣọ tó fún tàbí tó tóbi ṣe l'Ójúẹlẹ́gba. Ọjọ́ 3 ni, tó bá ní bíìdì, ọjọ́ 5."

"Ẹ jọ̀ọ́" ni àwọn tó ń dá sí i ṣì ń jà lé lórí, èmi ti yọ ọ́, màmá mi ní mo ti ya aláìlẹ́kọ̀ọ́.