Òǹkọ̀wé kẹrin ni mí nínú pépà, báwo ni kí n ṣe kọ ọ́ sínú àpílíkéṣọ̀n?

Títí: Ẹ kú àsìkò yìí o ẹ̀yin ará ilé. Mo ń kọ lẹ́tà tí mo máa fi wá àyè píéèdì, wọ́n ní kò gbọdọ̀ ju ojú ìwé méjì lọ. Mo ní pépà kan tó ti jáde, àwa mẹ́sàn-án lorúkọ wa wà níbẹ̀, èmi ni ìkẹrin, mo tún ní pósítà kan tó lọ sí àpérò lọ́dún tó kọjá. Ohun tí mo kọ nìyí: "Mo ṣe ìwádìí lórí ìdí tí àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru fi ń dá oògùn wọn dúró, mo tẹ̀ ẹ́ jáde nínú jọ́nàlì, mo sì gbé e kalẹ̀ ní àpérò àgbáyé." Ọ̀rẹ́ mi kà á ó ní ó dùn, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀ sí i. Ṣé bí gbogbo èèyàn ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn àbí mo ti ń purọ́?

Bọ̀dá Ṣẹ́gun: Àbúrò, má da ara ẹ láàmú jàre. Orúkọ ẹ wà níbẹ̀, pépà ẹ ni. Ipò tí orúkọ wà ò jẹ́ nǹkan kan, níbi tiwa A B D la fi ń to orúkọ, ẹni tí orúkọ ẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú A ni yóò máa ṣíwájú lọ títí. Kọ "mo tẹ̀ ẹ́ jáde", ó parí.

Àǹtí Dúpẹ́: Ṣẹ́gun, òótọ́ lo sọ nípa ìmọ̀ ìṣirò, àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé náà sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ ìwádìí ìlera ni Títí ń sọ. Nínú tiwọn, ẹni tó ṣíwájú ló sábà máa ń jẹ́ ẹni tó ru iṣẹ́ náà jù, ẹni tó gbẹ̀yìn sì sábà máa ń jẹ́ ọ̀gá tó darí ẹ̀. Ẹni tó bá ń ka fọ́ọ̀mù mọ èyí kó tó jókòó. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti wà lára àwọn tó ń yan akẹ́kọ̀ọ́ níbi iṣẹ́ mi, ohun tí mo sì máa ń kọ́kọ́ ṣe ni kí n da àkọlé pépà sínú Google Scholar kí n wo orúkọ, kò tó ìṣẹ́jú kan.

Títí, ìkẹrin nínú mẹ́sàn-án ò burú rárá, ó dáa fún ẹni tó ń wá píéèdì. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni "mo" mẹ́ta tó wà nínú gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn, nítorí ẹni tó bá kà á á rò pé ìwọ nìkan lo ṣe gbogbo ẹ̀, ìgbà tó bá wá lọ wò ó tó rí èèyàn mẹ́sàn-án, gbogbo nǹkan yòókù tó o kọ sínú lẹ́tà ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí. Dá mi lóhùn kí n tó sọ nǹkan míì: ta ló ronú ìbéèrè ìwádìí náà, ta ló gba dátà, ta ló ṣe ìṣirò, ta ló kọ ọ́, ta ló sì dúró ti pósítà lọ́jọ́ àpérò?

Títí: Ẹ ṣé mà. Ọ̀gá wa ló ronú ìbéèrè. Èmi àti ẹnì kan la fọ̀rọ̀ wá àwọn aláìsàn lẹ́nu wò, 214 ni gbogbo wọn, èmi bá 96 sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà èmi nìkan ni mo to dátà, mo yọ èyí tó wọlé lẹ́ẹ̀mejì, mo sàmì sí ibi tí ìdáhùn ò ti bára mu. Oníṣirò kan ló ṣe ìṣirò. Ẹni tó ṣíwájú ló kọ pépà, mo kọ ìpínrọ̀ mẹ́ta níbi tí wọ́n ti ṣàlàyé bí a ṣe gba dátà. Ti pósítà, èmi ni mo ya àwòrán méjì tó wà lórí ẹ̀, àmọ́ mi ò lọ, ẹni tó kọ pépà yẹn náà ló lọ.

Ìyá Jọkẹ́: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín o, ṣé èyí túmọ̀ sí pé kí n yọ pósítà tèmi kúrò nínú síìfíì? Èmi ni mo ṣe èyí tó wà lára ògiri wọ́ọ̀dù wa nípa ọwọ́ fífọ̀, ó ti lé lọ́dún kan níbẹ̀, gbogbo èèyàn ló ń yìn ín. Pépà náà wà tí wọ́n dárúkọ mi sí lẹ́yìn, níbi tí wọ́n ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn.

Àǹtí Dúpẹ́: Ìyá Jọkẹ́, ẹ má yọ ọ́, ẹ kàn gbé e síbi tó yẹ ẹ́. Ti wọ́ọ̀dù yẹn, abẹ́ iṣẹ́ tí ẹ ṣe níbi iṣẹ́ ló ń gbé, nítorí tí ẹ bá kọ ọ́ sí abẹ́ pósítà àpérò, wọ́n á béèrè orúkọ àpérò àti ọdún, ẹ ò sì ní ní ìdáhùn. Ẹni tí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ kì í ṣe òǹkọ̀wé, ẹ má kọ pépà yẹn sábẹ́ àwọn pépà yín. Ẹ lè sọ ohun tí ẹ ṣe, kí ẹ wá fi kún un pé wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ yín nínú pépà tó jáde níbẹ̀.

Títí, mo rí ìdáhùn ẹ. Ìwọ fúnra ẹ ti kọ nǹkan tó dáa ju ti lẹ́tà yẹn lọ láìmọ̀. Wàá rí i pé ọ̀pọ̀ jọ́nàlì ìlera máa ń ní ìpínrọ̀ kékeré kan nítòsí òpin pépà tó sọ ohun tí òǹkọ̀wé kọ̀ọ̀kan ṣe, àwọn kan ń lo ètò tí wọ́n ń pè ní CRediT tó pín iṣẹ́ sí ọ̀nà 14. Lọ wo èyí tí wọ́n kọ síwájú orúkọ ẹ. Bó bá jẹ́ `Investigation` àti `Data curation` ló wà níbẹ̀, má kọ ohunkóhun tó jọ pé ìwọ lo ṣe ìṣirò, nítorí ìṣirò ní orúkọ tiẹ̀ nínú ètò yẹn, ó sì ti wà níwájú orúkọ ẹlòmíì. Bí èmi bá ni, mo máa kọ ọ́ báyìí, ìwọ yí i sí èdè tí wọ́n fẹ́:

"Èmi ni òǹkọ̀wé kẹrin nínú mẹ́sàn-án lórí pépà tó sọ ìdí tí àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru fi ń dá oògùn dúró. Mo fọ̀rọ̀ wá 96 lẹ́nu wò nínú àwọn aláìsàn 214, mo sì to dátà gbogbo wọn kí oníṣirò wa tó ṣiṣẹ́ lé e lórí. Mo ya àwòrán méjì fún pósítà iṣẹ́ yìí kan náà, òǹkọ̀wé àkọ́kọ́ ló gbé e kalẹ̀ ní àpérò."

Gbólóhùn mẹ́ta péré. Orúkọ jọ́nàlì, ọdún àti DOI, inú síìfíì ni wọ́n ń gbé, má fi wọ́n jẹ àyè lẹ́tà. Nínú síìfíì, kọ orúkọ gbogbo yín bó ṣe tò nínú pépà, kí o sì mú tìẹ dúdú. Má kọ orúkọ ẹni àkọ́kọ́ kó o wá fi `et al.` bo àwọn tó kù mọ́lẹ̀, ìwọ alára á pòórá síbẹ̀, ẹni tó ń kà á á sì máa rò ó pé kí ló ń fi pamọ́. Bákan náà pósítà tó padà di pépà, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni, jẹ́ kó hàn bẹ́ẹ̀, má jẹ́ kó dà bí ìwádìí méjì.

Ohun kan ló kù nínú lẹ́tà yẹn. Nígbà tí o ń to dátà, ṣé nǹkan kan wà tó o rí tó yà ọ́ lẹ́nu?

Títí: Ó wà mà. Àwọn kan sọ pé àwọn ń lo oògùn déédéé, àmọ́ tí mo bá wo ọjọ́ tí wọ́n gba oògùn kẹ́yìn, ó ti lé ní oṣù mẹ́ta, oògùn tí wọ́n sì gbà ọ̀hún ti oṣù kan ni. Torí ẹ̀ gan-an ni mo ṣe fẹ́ kọ́ bí èèyàn ṣe ń wọn oògùn lílò láìgbára lé ẹnu aláìsàn nìkan.

Àǹtí Dúpẹ́: Háà! Ìyẹn ni gbólóhùn kẹrin. Kò sí ẹlòmíì tó lè kọ ọ́, ó sì so pépà mọ́ ohun tó o fẹ́ lọ kọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti bi ọ́ ní ìbéèrè, wàá sì lè dáhùn. Mo rántí ẹnì kan tó kọ ọ́ pé òun "darí" ìwádìí kan, a wá bi í bí wọ́n ṣe ṣe ibi tí ìdáhùn ti ṣófo nínú dátà, ìbéèrè tó rọrùn ni, ó dákẹ́ lọ gbáà. Lẹ́tà tí súpáfáísọ̀ ẹ̀ kọ sì wà níwájú wa, ó yìn ín gan-an pé ó bá àwọn gba dátà dáadáa. Iṣẹ́ tó ṣe yẹn tó o, ọ̀rọ̀ "darí" ló bà á jẹ́, ó sì dùn mí títí dòní. Torí náà fi gbólóhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn ránṣẹ́ sí ẹni tó máa kọ lẹ́tà fún ẹ, kí tìẹ àti tiẹ̀ lè bára mu.

Kúnlé: Àǹtí, tèmi ò tíì jáde. A ti fi ránṣẹ́, wọ́n ní ká tún àwọn ibì kan ṣe, a ti tún un ṣe. Ṣé mo lè kọ pé wọ́n ti gbà á?

Àǹtí Dúpẹ́: Rárá o Kúnlé. Wọ́n lè ní kẹ́ ẹ tún un ṣe kí wọ́n sì tún dá a padà. Ọjọ́ tí ímeèlì bá wọlé pé wọ́n gbà á lo lè kọ `accepted`, títí dìgbà náà `under review` ni. Tẹ́ ẹ bá ti gbé e sórí medRxiv tàbí ibi tó jọ ọ́, kọ `preprint`, kó o fi línkì ẹ̀ síbẹ̀, ìyẹn ń jẹ́ kí wọ́n lè kà á. Èyí tẹ́ ẹ ṣì ń kọ lọ́wọ́, yọ ọ́ kúrò láàárín àwọn pépà. Má sì dárúkọ jọ́nàlì tí pépà yín ṣì wà lọ́wọ́ wọn, ńṣe ló ń dà bí ẹni tó ń yá iyì.

Kúnlé: Mo gbọ́ mà, àmọ́ súpáfáísọ̀ mi máa ń dárúkọ jọ́nàlì nínú síìfíì tiẹ̀ o, ó ní kò sí irọ́ níbẹ̀ torí pé òótọ́ ni pé a fi ránṣẹ́ síbẹ̀.

Àǹtí Dúpẹ́: Irọ́ kọ́ lóòótọ́. Èmi ò kàn fẹ́ràn ẹ̀ ni. Gbọ́ ti súpáfáísọ̀ ẹ, òun ló mọ àṣà ẹ̀ka yín.

Bọ̀dá Ṣẹ́gun: Mo gbà fún yín lórí ti ìlera. Àmọ́ ẹni tó bá wà níbi tiwa, kí ló máa ṣe? Tí mo bá kọ "òǹkọ̀wé kẹta nínú mẹ́ta", wọ́n á rò pé mi ò ṣe nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo rí ọ̀nà tí ẹ̀rí náà gbà já!

Àǹtí Dúpẹ́: Kọ gbólóhùn kan pé A B D lẹ fi to orúkọ, kó o wá sọ apá tí ìwọ ṣe nínú ẹ̀rí náà. Tẹ́ni tó ń kà á bá jẹ́ ará ẹ̀ka yín ó ti mọ̀, tí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀ ó máa ràn án lọ́wọ́.

Títí: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo fi gbólóhùn mẹ́rin yẹn ránṣẹ́ sí ẹni tó kọ pépà àti súpáfáísọ̀ wa lánàá. Súpáfáísọ̀ ní ó tẹ́ òun lọ́rùn, òun á lo nọ́ńbà kan náà nínú lẹ́tà òun. Ẹni tó kọ pépà ló rí àṣìṣe kan tí mi ò rí: wọ́n yọ àwọn kan kúrò kó tó ku 214 tó wà nínú pépà, méjì nínú wọn sì jẹ́ àwọn tí èmi bá sọ̀rọ̀. Mo ti yí 96 sí 94.