Balùwẹ̀ tóóró ní Kúbwà: báwo ni kí n ṣe to tọ́ílẹ́ẹ̀tì, bésìn àti ṣáwà?

Ìyá Tòmíwá, Kúbwà: Ẹ kú iṣẹ́ o. Balùwẹ̀ tí a ń kọ́ fún àwọn ọmọ fẹ̀ ní mítà 1.2, ó gùn ní 2.4, láti búlọ́ọ̀kù dé búlọ́ọ̀kù. Ilẹ̀kùn wà ní ìparí kan, fèrèsé wà ní ìparí kejì. Bíríkìlà ní kí tọ́ílẹ́ẹ̀tì wà lábẹ́ fèrèsé, kí ṣáwà wà láàárín. Ọkàn mi ò gbà á.

Àdìó Lúgbẹ̀: Bíríkìlà yín gba ọ̀nà o. Ibi tó bá sún mọ́ sókàwéè jù ni tọ́ílẹ́ẹ̀tì ń wà. Bí páìpù bá ń ya kọ́nà kiri, yóò máa dí ṣáá ni.

Ọ̀gá Plọ́ḿbà: Òótọ́ ni ti kọ́nà. Ṣùgbọ́n bí ṣáwà bá wà láàárín, inú omi ni ẹni tó fẹ́ lo tọ́ílẹ́ẹ̀tì yóò máa gbà kọjá. Ìyá, ṣé ìta ni ọ̀kan nínú àwọn ògiri gígùn yẹn kọjú sí?

Ìyá Tòmíwá: Bẹ́ẹ̀ ni, ti ọwọ́ òsì. Ibẹ̀ náà ni sókàwéè wà.

Ọ̀gá Plọ́ḿbà: Ó ti bọ́ sí i. Ẹ jẹ́ kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹ̀yìn ti ògiri yẹn. Ṣáwà lábẹ́ fèrèsé, kó gba sẹ̀ntímítà 90, kí atẹ́gùn lè máa gbẹ ibẹ̀. Tọ́ílẹ́ẹ̀tì láàárín, kó gba 75, kí apá má baà há fún ẹni tó jókòó. Bésìn kékeré tí wọ́n ń kọ́ mọ́ ògiri ni kó gba ìyókù lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

Ibi tó máa ń dun àwọn tó ń kọ́lé lẹ́yìn iṣẹ́ rèé: bí wọ́n bá rẹ́ ògiri tán tí wọ́n lẹ táìsì, nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 3 á lọ lápá kọ̀ọ̀kan. Mítà 1.2 yín á di 1.14. Tọ́ílẹ́ẹ̀tì tó yọ síwájú ní 70 á ṣẹ́ 44 péré kù níwájú, orúnkún á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri. Ẹ wá èyí tó jẹ́ 62, 52 á kù. Ẹ gbé tépù dání lọ sọ́jà, kí ẹ wọ̀n ọ́n láti ẹ̀yìn táǹkì dé ètè iwájú kí ẹ tó sanwó.

Alhaja Kàdúná: Níbo wá ni dírọ́ọ̀mù omi máa wà? Lọ́dọ̀ tiwa, bí máì-rúwà tó ń ta omi ò bá wá, wàhálà ni. Mi ò lè ní balùwẹ̀ tí kò gba dírọ́ọ̀mù.

Ọ̀gá Plọ́ḿbà: Alhaja, dírọ́ọ̀mù ò lè gba ibẹ̀. Ìta ni kó wà, kí bọ́kẹ́ẹ̀tì kan wà ní igun ṣáwà. Kí ilẹ̀ ṣáwà dà sísàlẹ̀ ní sẹ̀ntímítà 2 láti etí dé ojú ihò omi. Kí wọ́n tó lẹ táìsì, ẹ da omi sí i. Ibi tó bá dúró sí, kí wọ́n tún un ṣe. Kí ilẹ̀kùn ṣí síta.

Ìyá Tòmíwá: Tó bá ṣí síta, á máa gbá ilẹ̀kùn yàrá àwọn ọmọ.

Àdìó Lúgbẹ̀: Ẹ lo èyí tí wọ́n ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Alhaja Kàdúná: Ìyẹn kì í pa òórùn mọ́ o.

Ọ̀gá Plọ́ḿbà: Ẹ wọn kọ́rídọ̀ yẹn fún wa ná, Ìyá.