Ṣé kí n já ewì yìí sí ìlà, àbí kí n jẹ́ kó máa ṣàn?

Ẹ̀yin akéwì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mo kọ ewì kan nípa òru tí bàbá mi ń ṣàìsàn: mo yẹ ilẹ̀kùn wò, mo padà dùbúlẹ̀, mo rò pé n kò tì í, mo tún dìde. Ìlà 24 ni mo kọ́kọ́ fi kọ ọ́. Nígbà tí mo kà á sókè, gbogbo ibi tí ìlà ti já ni mo ti ń mí, bẹ́ẹ̀ ẹni inú ewì náà kò ráyè mí rárá.

Mo wá so ó pọ̀ di ìpínrọ̀ kan ṣoṣo, mo ń fi "mo sì" so gbólóhùn mọ́ra. Ìdààmú náà jáde. Àmọ́ mo pàdánù ibi kan tó dùn mí gan-an:

Wọ́n ní bàbá ti lọ
bu omi mu

Ní òpin ìlà àkọ́kọ́, òǹkàwé á rò pé ó ti kú, kí ìlà kejì tó tú u sílẹ̀. Nínú ìpínrọ̀, ojú kàn ń sáré kọjá ni.

Ibẹ̀ nìkan ni jíjá ìlà ti ń ṣiṣẹ́. Ṣé ó tó ìdí láti dá gbogbo rẹ̀ padà sí ìlà? Àbí kí n fi ìlà méjì yẹn sáàárín ìpínrọ̀? Ẹ̀rù ń bà mí pé òǹkàwé á ti rí àlàfo náà lọ́ọ̀ọ́kán, á sì ti mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀. Kí lẹ̀yin fi ń pinnu?