«E ma pa won»: ta ló ti ṣi kọ́mẹ́ǹtì dá lẹ́jọ́ bíi tèmi?

Àdùkẹ́ Tàkíé
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà, oṣù kẹta rèé tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yíyẹ kọ́mẹ́ǹtì wò. Wọ́n á kó kọ́mẹ́ǹtì Yorùbá 100 fún mi lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú òfin tí wọ́n fi lélẹ̀. Màá sọ bóyá ọ̀kọ̀ọ̀kan lè dúró tàbí kò lè dúró, màá yan ẹ̀ka òfin tó rú, màá sì kọ ìdí rẹ̀ ní gbólóhùn kan. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èyí ni wọ́n dá padà fún mi:

```
{"comment": "E ma pa won",
 "allowed": false,
 "category": "violence",
 "reason": "Ó ní kí wọ́n máa pa ènìyàn"}
```

Abẹ́ fídíò àwọn ọmọkùnrin méjì tí wọ́n mú pé wọ́n jí ọ̀kadà ni kọ́mẹ́ǹtì yẹn wà. «Ẹ máa pa wọ́n» ni mo kà á sí. Ẹni tó kọ ọ́ wá pẹjọ́, ó ní «Ẹ má pa wọ́n» lòun kọ, ẹ̀bẹ̀ lòun ń bẹ̀. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, ara mi ò tíì balẹ̀. Ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n má pa ọmọ ọlọ́mọ, èmi ni mo pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́, kí lojú yín ti rí?

Bọ̀dé UnderG
Háà. «Ma» yìí! Ó ti gba owó lọ́wọ́ mi rí.

Alágbàdo
Ẹ káàsán o. Wọ́n ti ojú-ewé ìyàwó mi pa láti ìjẹta, láfún ló ń polówó, kò bú ẹnì kankan. Nọ́ńbà wo ni mo lè pè?

Àdùkẹ́ Tàkíé
Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Èmi kọ́ ni mo ni ibẹ̀, òṣìṣẹ́ lásán ni mí, ibòmíràn pátápátá ni mo sì ń bá ṣiṣẹ́. Ẹ wo àtẹ̀jíṣẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín nígbà tí wọ́n tì í pa, ó sábà máa ń ní ibi tí wọ́n ti ń pẹjọ́ nísàlẹ̀.

Káyọ̀dé_K
Èmi ò rí ibi tí wàhálà wà. Ẹ kó gbogbo ọ̀rọ̀ burúkú jọ sójú kan: «pa», «were», «oko», «ole». Kọ́mẹ́ǹtì tó bá ti ní ọ̀kan nínú ẹ̀, ẹ yọ ọ́. Iṣẹ́ wákàtí mẹ́ta á di ogún ìṣẹ́jú.

Ìyá Ìbejì Sábó
Káyọ̀dé, ebi ń pa mí. Òjò pa mí lánàá. Ọmọ mi pa mí lẹ́rìn-ín láàárọ̀. Mo pa iná kí n tó sùn. Ó yá, yọ gbogbo wa.

Bọ̀dé UnderG
😂😂 Mama!

Bàbá Oníṣu
Ọ̀rọ̀ «oko» tí arákùnrin yẹn sọ yìí ló jẹ́ kí n dá sí i. Àgbẹ̀ ni mí, lápá Ìkòyí-Ilé ni mo ti ń ṣọ̀gbìn. Lọ́dún tó kọjá mo ya àwòrán ebè iṣu mi, mo kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé «Oko mi tobi ju ti odun to koja lo, e wa fi oju yin ri». Kò pé wákàtí kan, wọ́n ti yọ ọ́. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ìṣekúṣe ni. Èmi tí mo lé ní ọgọ́ta ọdún! Àna mi wà lára àwọn tó ń wo ojú-ewé yẹn. Ojú tì mí débi pé n ò lè yọjú sí ìpàdé àwọn àgbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Àdùkẹ́ Tàkíé
Ẹ pẹ̀lẹ́ bàbá. Ìyẹn dùn mí gan-an.

Ọmọ Aláàfin
Ìdí rèé tí mo fi ń sọ pé kí gbogbo Yorùbá máa fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Oko, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀, ẹ wo bí wọ́n ṣe yàtọ̀ síra wọn! Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ kì í fẹ́ fàmì sí nǹkan.

Ìyá Ìbejì Sábó
Wọ́n tún ti dé. Ṣé ará Ọ̀yọ́ ń fàmì sí ọ̀rọ̀ lórí fóònù ni? Fi èyí tó o fi ránṣẹ́ sí ìyàwó ẹ láàárọ̀ hàn wá.

Ọmọ Aláàfin
Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ mà 😅

Ẹ̀gbọ́n Àkẹ̀sán
Ọdún mẹ́fà ni mo fi bójú tó àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí kí n tó padà sílé ní Ọ̀yọ́. Káyọ̀dé, àkójọ ọ̀rọ̀ rẹ wúlò, àmọ́ ohun tó wúlò fún ni láti mọ èyí tí a ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Kò lè dájọ́. Bí àkójọ bá mú kọ́mẹ́ǹtì 50 jáde, ènìyàn ló gbọ́dọ̀ ka àádọ́ta náà.

Àdùkẹ́, nípa tìrẹ. Ibi tó ṣòro níbẹ̀ ni pé «má» àti «máa», «ma» kan náà làwọn ènìyàn ń kọ fún méjèèjì. Ọ̀rọ̀ fúnra ẹ̀ ò lè sọ èyí tó jẹ́ fún ọ, ohun tó yí i ká ló máa sọ. Kọ́kọ́ wo iyókù gbólóhùn. «E ma pa won, e fa won le olopa lowo» ti yanjú ara ẹ̀. Bí kò bá ní iyókù, wo kọ́mẹ́ǹtì tó ń fèsì sí. Bí ẹni tó wà lókè bá ní «e dana sun won», tí tìẹ wá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú «rara» tàbí «e jowo», ẹ̀bẹ̀ ni. Bó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú «beeni», ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ nìyẹn. Kí ló wà lókè tìẹ?

Àdùkẹ́ Tàkíé
Ẹ̀gbọ́n, mo padà lọ wò ó. Ẹni tó wà lókè kọ ọ́ pé «Taya da? E gbe petirolu wa». Òun ló ń fèsì sí. Mi ò ṣí i wò nígbà yẹn, torí iye tí a bá ṣe ni wọ́n fi ń sanwó fún wa.

Ẹ̀gbọ́n Àkẹ̀sán
Ìwọ náà ti wá rí i. Ẹnì kan ń pe táyà, ẹnì kejì ń sọ pé ẹ má pa wọ́n. Àmọ́ mo fẹ́ kó o wo ìdí tó o kọ. «Ó ní kí wọ́n máa pa ènìyàn» ò sọ bó o ṣe dé ibẹ̀. Ẹni tó ń tún iṣẹ́ rẹ yẹ̀ wò ò lè mọ̀ bóyá o ka ohun tó wà lókè tàbí o ò kà á. Ká ní o kọ ọ́ pé «Mo ka "ma" sí "máa" nítorí pé…», wàá rí i pé kò sí nǹkan kan tó o lè fi sẹ́yìn «nítorí pé» yẹn, ọwọ́ rẹ á sì dúró. Ìdí tí mo fi máa ń sọ fáwọn ọmọ tó wà lọ́dọ̀ mi nìyẹn pé kí wọ́n kọ ìdí kí wọ́n tó yan `true` tàbí `false`. Ẹni tó bá ti yan tán, ìdí tó máa ti ohun tó yàn lẹ́yìn ló máa lọ wá.

Èyí ló yẹ kó o kọ:

```
{"reason": "'ma' = 'má': ó ń ta ko ẹni tó ní kí wọ́n dáná sun wọ́n",
 "allowed": true,
 "category": "none"}
```

Bọ̀dé UnderG
Ẹ̀gbọ́n, `none` yẹn ńkọ́? Èmi máa ń fi `violence` síbẹ̀ náà kí wọ́n lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ pípa ènìyàn wà níbẹ̀, kí n wá yan `true`.

Ẹ̀gbọ́n Àkẹ̀sán
Má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, Bọ̀dé. Òfin tí kọ́mẹ́ǹtì rú ni ẹ̀ka ń sọ, kì í sọ ohun tó ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Bó o bá ní ó lè dúró, tó o tún ní ó rú òfin `violence`, ẹni tó fẹ́ ka iye tó rú òfin lóṣù yẹn á ka tìẹ mọ́ ọn.

Bọ̀dé UnderG
Àṣé ìdí tí wọ́n fi ń dá tèmi padà rèé.

Ìyá Ìbejì Sábó
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Kọ́mẹ́ǹtì kan dé ọ̀dọ̀ mi: ẹnì kan ní obìnrin kan jẹ òun ní gbèsè owó aṣọ, ó sọ ibi tílé obìnrin náà wà, ó tún kọ nọ́ńbà fóònù ẹ̀. Mo yọ ọ́, mo yan `harassment`. Nínú ìdí, mo kọ ọ́ pé «Ó gbé nọ́ńbà obìnrin síta», mo sì da nọ́ńbà yẹn kọ síbẹ̀ láti fi ṣe ẹ̀rí. Wọ́n dá a padà. Wọ́n ní `privacy` ni ẹ̀ka ẹ̀, àti pé ìdí tí mo kọ, wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ sí ẹni tó kọ kọ́mẹ́ǹtì, wọ́n sì ń kó o pamọ́ sínú fáìlì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣí. Ohun tí mo ní kí wọ́n yọ kúrò níta, èmi náà tún ti gbé e sí ibòmíràn. Láti ọjọ́ náà, «nọ́ńbà fóònù àti ibùgbé ẹlòmíràn» ni mo ń kọ, ó parí.

Alágbàdo
Ṣùgbọ́n mà, ṣé obìnrin yẹn jẹ gbèsè àbí kò jẹ ẹ́?

Ìyá Ìbejì Sábó
Báwo ni màá ṣe mọ̀, Alágbàdo?

Alágbàdo
Torí bó bá jẹ ẹ́, mi ò rí ìdí tí wọ́n fi ń bò ó. Àwọn oníbàárà tó gbé láfún mi lọ láwìn kò gbé fóònù mọ́.

Bàbá Oníṣu
Òótọ́ lo sọ. Onígbèsè ń jayé, ẹni tó yáni lówó ń sunkún.

Ẹ̀gbọ́n Àkẹ̀sán
Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, òfin yẹn ò bèèrè bóyá gbèsè jẹ́ òótọ́. Kó kọ ọ́ pé wọ́n jẹ òun lówó, kò sẹ́ni tó máa yọ ọ́. Ilé àti nọ́ńbà ni kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀, torí ẹni tó máa lọ kan ilẹ̀kùn yẹn lóru lè má jẹ́ ẹni tí wọ́n jẹ lówó.

Alágbàdo
Mo ti gbọ́. Síbẹ̀ náà, kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Káyọ̀dé_K
Mo gbà nípa «pa» àti «oko». Àmọ́ «were» ńkọ́? Èébú ni o.

Ọmọ Aláàfin
Láàárín ọ̀rẹ́ kọ́. «Were ni e o, o ku ojo ibi» ni ọ̀rẹ́ mi kọ sí mi.

Ìyá Ìbejì Sábó
Bí ọmọ mi bá pe ẹnikẹ́ni ní wèrè, yálà ọ̀rẹ́ ni o tàbí ọ̀tá, á fojú rí nǹkan.

Àdùkẹ́ Tàkíé
Ẹ ṣeun gan-an. Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè kan ló kù. Mo padà sínú iṣẹ́ mi àtijọ́, mo tún rí «ma» mẹ́ta. Méjì ti yanjú nígbà tí mo ka òkè wọn. Ẹ̀kẹta nìyí: «Ma pa a o».

Bọ̀dé UnderG
«Màá pa á o» tàbí «Má pa á o». Ó tiẹ̀ lè jẹ́ iná ló ní kí wọ́n má pa.

Káyọ̀dé_K
Yọ ọ́. Bó bá jẹ́ ìhàlẹ̀ tó o sì fi sílẹ̀, ẹ̀mí lè lọ sí i.

Ìyá Ìbejì Sábó
Bó bá wá jẹ́ ẹ̀bẹ̀ tó o yọ ọ́ ńkọ́? Ẹ̀mí kan náà yẹn ni.

Ẹ̀gbọ́n Àkẹ̀sán
Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, a ní ọ̀nà kẹta, a máa ń tì í sókè fún ẹni tó lè rí gbogbo ojú-ewé. Ṣé fọ́ọ̀mù tìrẹ ní irú ẹ̀?

Àdùkẹ́ Tàkíé
Kò ní. `true` àti `false` nìkan ni.

Ẹ̀gbọ́n Àkẹ̀sán
Kí ló wà lókè kọ́mẹ́ǹtì náà?

Àdùkẹ́ Tàkíé
Wọ́n ti yọ èyí tó wà lókè ẹ̀. Òun nìkan ló kù.