Ẹ̀yin tí ẹ ń fi fọ́tò rẹ́jísítà ṣírò òfátáìmù, kí lojú yín ti rí?

Àǹtí Akọ̀wé, Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni mo ń bá wọn ṣe ìwé owó. Géètì àti irin ojú fèrèsé ni wọ́n ń ṣe, òṣìṣẹ́ márùn-ún ló wà níbẹ̀. Èmi kì í sí níbẹ̀ lójoojúmọ́. Ìwé ńlá kan wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà, kálukú á kọ ìgbà tó dé àti ìgbà tó lọ síbẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ẹni tó bá kẹ́yìn á ya fọ́tò ojú ìwé náà ránṣẹ́ sí mi lórí Wásáàpù, èmi á ṣírò ẹ̀ mọ́jú, wọ́n á gbowó láàárọ̀ Sátidé.

Àdéhùn wa ni aago mẹ́jọ àárọ̀ sí márùn-ún ìrọ̀lẹ́, kí a yọ wákàtí kan fún oúnjẹ. Ó ku wákàtí mẹ́jọ. ₦6,000 ni owó ọjọ́ kan, ìyẹn ₦750 fún wákàtí kan. Tó bá ti ju mẹ́jọ lọ, a máa ń san ìlọ́po kan àti ààbọ̀, ₦1,125.

Lóṣù tó kọjá, ọ̀kan nínú wọn gba owó ẹ̀, ó kà á, kò kúrò níwájú mi. Ó fa ìwé pélébé kan yọ lápò, irú èyí tí wọ́n fi ń kọ ìwọ̀n irin. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, òfátáìmù mi jẹ́ wákàtí mẹ́jọ ó dín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Èyí tí ẹ san yìí ò tó méje." Inú kọ́kọ́ bí mi. Mo ní kó jókòó, mo tún fọ́tò náà ṣí. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí:

```
Ajé      8:00 - 6:30
Ìṣẹ́gun   8:00 - 5:00
Rú       8:00 - 7:45
Bọ̀       8:00 - 6:50
Ẹtì      8:00 - 6:40
```

Mo yọ márùn-ún ìrọ̀lẹ́ kúrò nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì tẹ ohun tó ṣẹ́kù sórí kakulétọ̀: 1.30, 2.45, 1.50, 1.40. Ó fún mi ní 6.65. Mo fi ₦1,125 lù ú, ó jẹ́ ₦7,481.25. Ẹ̀yin tó ti mọ̀ ọ́n ti ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò mọ̀ títí ọmọ náà fi ń ka ìṣẹ́jú ọ̀hún fún mi lórí ìka: ọgbọ̀n, márùndínláàádọ́ta, àádọ́ta, ogójì, gbogbo ẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́sàn-án, wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta nìyẹn. Tí a bá fi kún wákàtí márùn-ún tó wà níwájú, 7:45 ló jẹ́. Lórí kakulétọ̀, 7.75 ni èèyàn gbọ́dọ̀ tẹ̀, kì í ṣe 7.45. Owó ẹ̀ jẹ́ ₦8,718.75. Mo ti jẹ ọmọ ọlọ́mọ ní ₦1,237.50, láìmọ̀.

Ṣé ẹlòmíràn náà ti ṣe irú ẹ̀?

Káfíńtà Abẹ́òkúta

Àǹtí, ti yín ò tíì burú. Èmi kì í fẹ́ jókòó tẹ nǹkan. Fóònù mi máa ń ka ọ̀rọ̀ inú fọ́tò, á kó o jáde, mo sì gbẹ́kẹ̀ lé e. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi kì í tún aago kọ tó bá jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ti ẹni tó wà lókè, ìlà kéékèèké méjì yẹn ni wọ́n máa ń fà sísàlẹ̀. Fóònù ka àmì yẹn sí 11. Lójú ìwé tèmi, ọmọ mẹ́ta dé ibi iṣẹ́ ní aago mọ́kànlá lọ́jọ́ kan náà! Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo lé wọn lórí kí n tó wo ìwé gan-an.

Èkejì ni 7 àti 1. Ọ̀kan nínú wọn, orí 7 rẹ̀ kúrú gan-an. Aago méje ìrọ̀lẹ́ di aago kan ọ̀sán.

Aránṣọ Òṣogbo

Èmi ò rí ìdí tí ẹ fi ń da ara yín láàmú pẹ̀lú wákàtí. Iye aṣọ tí ọmọ iṣẹ́ rán ni mo ń san. Bùbá kan, iye kan. Agbádá, iye tirẹ̀. Ó wù ú kó sùn síbẹ̀. Ìwé tèmi kò ní aago rárá, orúkọ oníbàárà ló wà níbẹ̀. Àbí kì í ṣe ohun tí ẹ ń bèèrè nìyẹn?

Àǹtí Akọ̀wé, Ìbàdàn

Ìyá wa, ẹ ṣeun. Géètì kan lè gba ọ̀sẹ̀ méjì, èèyàn mẹ́rin sì lè fọwọ́ kan án, ìdí nìyẹn tí a fi ń ka wákàtí.

Mo fẹ́ bèèrè nǹkan kan. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn mo kó gbogbo ẹ̀ sínú Google Sheets. Mo tẹ aago gẹ́gẹ́ bí aago, mo yọ wákàtí oúnjẹ, mo ní kó ro àròpọ̀ ọ̀sẹ̀ ọmọkùnrin yẹn. Ó kọ 23:45. Ọ̀sẹ̀ odidi! Ibo ni ìyókù lọ?

Táìmùkípà Àtijọ́

Ọmọ mi, kò sọnù. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi ṣe táìmùkípà ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìkejà, nígbà tí a ṣì ń fi káàdì gún aago, ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo wá kọ́ ti kọ̀ǹpútà. Ohun tí ó ń fi hàn ọ́ ni ojú aago. Tó bá ti pé mẹ́rìnlélógún, á padà sí òdo. Àròpọ̀ rẹ gan-an ni 47:45. Yọ 24, 23:45 ló kù. Tí o bá yí bí nọ́ńbà àpótí náà ṣe ń hàn padà sí `[h]:mm`, yóò kọ 47:45 fún ọ.

Ṣùgbọ́n èyí ò tíì tó fún owó. Nínú ìwé yẹn, ọjọ́ kan odidi ló ń jẹ́ 1. Wákàtí kan jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rìnlélógún. Tí o bá fi ₦750 lu 47:45 bí ó ṣe wà, owó tí yóò jáde kò ní tó nǹkan. Fi 24 lù ú kí ó tó di iye wákàtí tí a lè fi owó lù. Èyí ni mo máa ń lò, B ni ìgbà tó dé, C ni ìgbà tó lọ, D ni iye wákàtí oúnjẹ, tẹ 1 síbẹ̀, má tẹ 1:00, E ni iye wákàtí tó ṣiṣẹ́, F sì ni òfátáìmù:

```
E2:  =MOD(C2-B2,1)*24-D2
F2:  =MAX(0,E2-8)
```

`MOD` wà níbẹ̀ nítorí ẹni tó bá ṣiṣẹ́ kọjá ọ̀gànjọ́, tó wọlé ní mẹ́jọ alẹ́ tó sì jáde ní mẹ́rin ìdájí. Láìsí i, èsì á bọ́ sí abẹ́ òdo.

Ibẹ̀ náà ni ọ̀fìn wà. Àwọn ọmọ rẹ kọ 6:30, wọn ò kọ ìrọ̀lẹ́. Tí o bá tẹ 6:30 báyìí, ìwé náà yóò kà á sí mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀. `MOD` kò ní pariwo. Yóò rò pé ẹni náà ṣiṣẹ́ láti mẹ́jọ àárọ̀ di mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ọjọ́ kejì, yóò sì fún un ní wákàtí mọ́kànlélógún ààbọ̀. Òfátáìmù wákàtí mẹ́tàlá ààbọ̀ lọ́jọ́ kan! Mo ti rí akọ̀wé tó san án. Tẹ 18:30. Kí o sì máa wo òpó E kí o tó sanwó: ibi tí ó bá ju mẹ́rìnlá lọ, padà sí fọ́tò.

Fọ́tò náà ń kọ́? Má ṣe bẹ̀rẹ̀ ìṣirò nígbà tí o ṣì ń kà á. Kọ́kọ́ tẹ ohun tí ojú rẹ rí, bí ó ṣe rí. Èyí tí kò dá ọ lójú, fi àpótí rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, kí o kọ ohun tó ń ṣe ọ́ ní iyèméjì sí òpó kan lápá ọ̀tún: "1 ni àbí 7", "wọ́n pa á rẹ́", "etí ìwé ti gé". Tí o bá fojú díwọ̀n, o ò ní rántí lọ́la pé o fojú díwọ̀n ni.

Ọ̀dọ́ Agbẹjọ́rò-Ojú-Pópó

Ẹ má gbàgbé pé òfin Nàìjíríà ló ní kí wọ́n san ìlọ́po kan àti ààbọ̀ fún òfátáìmù o. Ọ̀gá tí kò bá san án, ilé ẹjọ́ ni.

Táìmùkípà Àtijọ́

Ọmọkùnrin, ìdajì ni o mú. Abala 13 nínú Òfin Iṣẹ́ sọ pé àdéhùn ni yóò pinnu iye wákàtí iṣẹ́, àti pé èyí tó bá kọjá rẹ̀ ni òfátáìmù. Kò dárúkọ ìlọ́po kankan. Ohun tí ẹ bá jọ fọwọ́ sí ni ẹ ó san, ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí ti Ìbàdàn yìí wà lórí ìwé, kó má jẹ́ ti ẹnu. Ohun tí abala yẹn là kalẹ̀ ni pé ẹni tó bá ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ kan gbọ́dọ̀ ní ìsinmi tí àpapọ̀ rẹ̀ kò dín ní wákàtí kan. Nítorí náà, àwọn tí ẹ ń yọ wákàtí oúnjẹ, ẹ rí i dájú pé wọ́n jẹun lóòótọ́. Mo mọ ibi tí wọ́n ti ń yọ ọ́ tí wẹ́dà sì ń fi ọwọ́ kan jẹ búrẹ́dì, ọwọ́ kejì di irin mú.

Káfíńtà Abẹ́òkúta

Ẹ tún bá mi kí ẹni tó ya fọ́tò o. Ti tèmi, òjìji orí ẹ̀ ló máa ń bo òpó ìgbà tí wọ́n lọ. Mo ti ní kí wọ́n gbé ìwé jáde síta, kí wọ́n dúró tààrà lókè rẹ̀, kí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin hàn. Àti pé Wásáàpù máa ń fún fọ́tò pọ̀, tí ẹ bá fẹ̀ ẹ́ á dà bí ẹ̀kọ. Tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ láti ibi tí wọ́n kọ `Document` sí, bí wọ́n ṣe yà á ló máa ń dé.

Àǹtí Akọ̀wé, Ìbàdàn

Ẹ ṣeun gan-an ni, bàbá. Mo ti san ẹ̀kún owó náà. Mo fún un ní ₦1,240, ó ní ṣé ẹ̀bùn ni ₦2.50 tó lé.

Èyí tó kù tí èmi àti ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń jà lé lórí: ọmọ mìíràn dé ní aago mẹ́wàá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó lọ ní márùn-ún, wákàtí mẹ́fà nìyẹn. Lọ́jọ́ Rú ó dúró di méje alẹ́, wákàtí mẹ́wàá. Ọjọ́ mẹ́ta yòókù pé mẹ́jọ mẹ́jọ. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ogójì géérégé, kò sí òfátáìmù. Èmi ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan la ń kà, kí a yọ ₦1,500 fún Ìṣẹ́gun, kí a san ₦2,250 fún Rú. ₦750 ni ìyàtọ̀ ẹ̀.

Táìmùkípà Àtijọ́

Ibi iṣẹ́ wa, ojoojúmọ́ la ń kà á. Ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí wọ́n ti ń ka ọ̀sẹ̀, wọn kò sì ṣẹ̀. Àdéhùn tiyín ńkọ́, ojoojúmọ́ ni ó wí àbí ọ̀sẹ̀?

Àǹtí Akọ̀wé, Ìbàdàn

Kò wí nǹkan kan, bàbá. "Tó bá ti ju mẹ́jọ lọ" la sọ, lẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní àwọn ò rántí pé àwọn sọ bẹ́ẹ̀.

Aránṣọ Òṣogbo

Mo ṣáà ti sọ ọ́. Bùbá kan, iye kan.