Àbọ̀: líǹkì ẹ̀tàn tí akọ̀wé wa tẹ̀ ní Kétu

Ohun tí mo bi yín níjọ́sí nìyí: “Akọ̀wé wa tẹ líǹkì kan, ó sì kọ ọ̀rọ̀ aṣínà ímeèlì rẹ̀ síbẹ̀. A ti pààrọ̀ rẹ̀. Ṣé ó ti parí?”

Kò tíì parí rárá. Nínú àwọn tó dá mi lóhùn, ẹ̀gbọ́n tó ní kí n yẹ “Règles” wò, ìyẹn ibi tí a ti ń ṣètò òfin fún ímeèlì, ló mọ̀ ọ́n. Mo bá òfin kan níbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ kò ju “.” lọ: lẹ́tà yòówù tó bá ní “facture” nínú, kó gbé e lọ sí àpò “Flux RSS”, níbi tí ẹnikẹ́ni nínú wa kì í ṣí. Ìdí nìyẹn tí akọ̀wé ò fi rí èsì àwọn oníbàárà. Ọ̀rọ̀ aṣínà tuntun kò pa òfin náà rẹ́. Mo pa á rẹ́, mo fagi lé gbogbo ìwọlé tó ṣì ṣí sílẹ̀, mo sì yọ fóònù àjèjì tí olè ti so mọ́ àkáǹtì náà.

Ẹni tó ní ká nu kọ̀ǹpútà pátá gbìyànjú, àmọ́ a yẹ̀ ẹ́ wò, a ò rí nǹkan kan. Àkáǹtì ni wọ́n gbà. Ọ̀rọ̀ tí àǹtí wa ní Ṣábẹ̀ẹ́ sọ ló jẹ́ kí n pe àwọn oníbàárà lórí fóònù dípò kí n kọ ímeèlì.

Ìtàn ìwọlé fi hàn pé ọjọ́ méjì ni olè lò, nínú àkáǹtì kan ṣoṣo. Oníbàárà méjì gba nọ́ńbà báńkì èké láti ọwọ́ rẹ̀. Kò sí èyí tó tíì sanwó. A ò lè mọ lẹ́tà tí olè náà kà, nítorí náà a kà á sí pé ó ka gbogbo rẹ̀. Mo ti kọ̀wé sí bjCSIRT, àwọn tó ń bójú tó ààbò orí íńtánẹ́ẹ̀tì ní orílẹ̀-èdè Benin, mo ń retí èsì. Ẹ ṣeun.